Ìbéèrè ráńdábáòtù tí olùkọ́ mi fagi lé: ẹ jọ̀ọ́, ta ni mo yẹ kí n dúró fún?

Ọmọ Asẹ́rò

Ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí, ẹ kú iṣẹ́ o. Inú mi kò dùn rárá bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo ń kọ́ ọkọ̀ wíwà ní Abẹ́òkúta níbí, mo sì ti san owó mi pé kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Lánàá, olùkọ́ wa fún wa ní ìdánwò ìgbáradì, kí a lè mọ ibi tí a dé kí a tó lọ síwájú àwọn òṣìṣẹ́ VIO. Ìbéèrè kan nípa ráńdábáòtù ni wọ́n fi bíró pupa fagi lé nínú ìwé mi, wọ́n sì pè mí síwájú lójú àwọn ọmọ tí kò tó mi lọ́jọ́ orí.

Wọ́n ní, “Kí ló dé tí o fi mú ọ̀tún?”

Mo ní, “Ọ̀gá, ohun tí mo kà nìyẹn.”

Wọ́n ní, “Níbo lo ti kà á?” N kò dáhùn.

Wọ́n wá gbé ìdérí ìgò sáàárín tábìlì, wọ́n ní ráńdábáòtù nìyẹn, wọ́n sì fi páálí ìṣáná méjì ṣe ọkọ̀. Wọ́n ní, “Ìwọ lo wà nínú èyí tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Èkejì ti wà nínú ráńdábáòtù. Apá wo ló máa ti yọ sí ọ?” Mo ní apá ọ̀tún. Wọ́n ní, “Ní Nàìjíríà?” Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n nígbà yẹn, n kò sì gbọ́ ohun tí wọ́n sọ tẹ̀lé e dáadáa mọ́.

Mo kàwé gan-an kí n tó jókòó sí ìdánwò yẹn, gbogbo àmì ojú pópó ni mo mọ̀. Ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ́ àgbàlagbà nìyẹn? Ṣé kí n pààrọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni?

Alákọ̀wé Ọbáńtokò

Arábìnrin, ẹ sọ ti bíró pupa, ẹ sọ ti àwọn ọmọ kéékèèké, ṣùgbọ́n ẹ kò kọ ìbéèrè náà fún wa. Báwo la ṣe fẹ́ mọ ẹni tó jàre? Ẹ kọ ọ́ bí ó ṣe wà nínú ìwé, kí ẹ sì má ṣe yọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò níbẹ̀.

Bàbá Adìgbẹ́

Ọmọ mi, má sunkún. Ìwọ lo jàre. Ẹni tó bá wà lápá ọ̀tún ló ni ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi kọ́ mi, òun sì ti ń wa ọkọ̀ akẹ́rù kí wọ́n tó yí ọ̀nà padà ní 1972. Mo fi ẹ̀kọ́ náà jẹun títí ara mi fi sọ pé ó tó. Àwọn olùkọ́ òde òní kì í fẹ́ gbọ́ tẹnu akẹ́kọ̀ọ́.

Ìyá Ìbejì Lafẹ́nwá

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo wà nínú ráńdábáòtù, ọkọ̀ kan wà níwájú mi, a jọ ń yí lọ ni. Awakọ̀ iwájú yìí ṣàdédé tẹ búrẹ́kì láàárín ibẹ̀, ó ń juwọ́ sí ẹnì kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà apá ọ̀tún pé kí ó wọlé. Àánú ló ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n iwájú ọkọ̀ mi wọ ẹ̀yìn tirẹ̀, máàrúwá kan sì tún wọ ẹ̀yìn tèmi. Èmi ni mo san owó iná ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti dé ráńdábáòtù, àyà mi a máa já. Nítorí náà ẹ̀rù yín kò yà mí lẹ́nu, ẹ má fi olùkọ́ tó bá ń bá yín wí sílẹ̀.

Ọmọ Asẹ́rò

Ẹ ṣeun, mà. Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀, ọ̀rọ̀ yín tù mí nínú. Ẹ̀gbọ́n tó ń béèrè ìbéèrè, òun nìyí: “O dé ẹnu ráńdábáòtù tí kò sí iná tàbí òṣìṣẹ́ tí ń darí ọkọ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ kan ti wà nínú rẹ̀, ó ń bọ̀ láti apá òsì rẹ. Ọkọ̀ mìíràn ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà tó kàn lápá ọ̀tún rẹ. Èwo ni o gbọ́dọ̀ fún láàyè?” Ti apá ọ̀tún ni mo mú. Mi ò fi ojú fò ó, mo ronú sí i.

Olùkọ́ Àgbà Ìdí-Àbà

Mo ti kọ́ ènìyàn púpọ̀ ní ọkọ̀ wíwà kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìdáhùn sí ìbéèrè náà ni ọkọ̀ apá òsì, olùkọ́ yín kò sì rẹ́ yín jẹ. Ẹ jẹ́ kí a padà sídìí ìdérí ìgò yẹn, nítorí ó dára púpọ̀.

Apá ọ̀tún ọ̀nà ni a ń gbà ní Nàìjíríà. Tí ẹ bá dé ẹnu ráńdábáòtù, ọ̀tún nìkan ni ẹ lè yà sí láti wọ inú rẹ̀, ọgbà àárín á wà lápá òsì yín, gbogbo ọkọ̀ á sì máa yí lọ ní òdìkejì bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Ẹ fi ìka yín yí i wò lórí tábìlì. Ẹni tó ti wà nínú rẹ̀ kò ní ibòmíràn tí yóò ti yọ sí yín ju apá òsì lọ. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà apá ọ̀tún yín ńkọ́? Nígbà tí ẹ bá wọlé, ẹ̀yin ni ẹ máa kọjá níwájú rẹ̀ láti apá òsì tirẹ̀. Òun ló máa dúró fún yín, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe dúró fún ẹni tó ṣáájú yín.

Ìdí tí òfin fi gbé e bẹ́ẹ̀ ni pé inú ráńdábáòtù kò fẹ̀. Tí ẹni tó wà nínú bá ń dúró fún ẹni tó fẹ́ wọlé, inú á kún, ẹni tó fẹ́ jáde kò ní rí ọ̀nà nítorí pé ẹlòmíràn ti dínà níwájú rẹ̀, ẹni tó dínà yẹn náà sì ń dúró de ẹlòmíràn. Láìpẹ́, gbogbo wọn á há. Ẹnu ọ̀nà ni ìdúró wà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ìyá Ìbejì nìyẹn gan-an: awakọ̀ iwájú fi àánú dúró níbi tí ẹnikẹ́ni kò retí ìdúró.

Arábìnrin, ìbéèrè tí olùkọ́ yín bi yín ni èmi náà fẹ́ bi yín. Níbo lẹ ti ka ti ọ̀tún?

Bàbá Adìgbẹ́

Olùkọ́, n kò bá yín jà, ṣùgbọ́n ọ̀tún ni wọ́n kọ́ wa. Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé irọ́ ni mo fi wakọ̀ jálẹ̀ ayé mi?

Olùkọ́ Àgbà Ìdí-Àbà

Rárá o, Bàbá. Kí ó tó di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972, apá òsì ọ̀nà ni a ń gbà ní ilẹ̀ yìí, àwọn ọkọ̀ sì ń yí ráńdábáòtù bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Ẹni tó wà nínú á ti apá ọ̀tún yọ sí ẹni tó fẹ́ wọlé. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n yín ti mú ọ̀rọ̀ náà, ó sì bá ọ̀nà ìgbà yẹn mu. Ọ̀nà ló yí padà.

Ọmọ Asẹ́rò

Ẹ má bínú pé n kò tètè dáhùn. Ìwé kan ni mo ti kà á. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló fi ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú fídíò àwọn olùkọ́ ibẹ̀. Ìwé náà dára, àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere, kò sì sí irú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi gbẹ́kẹ̀ lé e. N kò sọ fún ọ̀gá nítorí wọ́n ti kìlọ̀ pé ìwé tí wọ́n fún wa nìkan ni kí a kà.

Alákọ̀wé Ọbáńtokò

Ẹ wá rí ohun tí ẹ fi pamọ́ láti òwúrọ̀! Apá òsì ni wọ́n ń gbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di òní. Ẹ sì ti fẹ́ pààrọ̀ ilé ẹ̀kọ́ nítorí ìwé ọlọ́wọ̀ yìí.

Ìyá Ìbejì Lafẹ́nwá

Ẹ má jágbe mọ́ ọn, ẹ̀gbọ́n. Ó ti sọ ọ́ náà.

Olùkọ́ Àgbà Ìdí-Àbà

Ọ̀rọ̀ ti yé wa wàyí. Kì í ṣe ìbéèrè kan péré ni ìwé náà lè bà jẹ́ o. Ẹ wo ti tíráfíkétọ̀ pẹ̀lú. Níbí, tí ẹ bá fẹ́ bọ́ sí ọ̀nà àkọ́kọ́ lápá ọ̀tún, ẹ tan ti ọ̀tún kí ẹ tó wọlé. Tí ẹ bá fẹ́ lọ tààrà, ẹ má tan ìkankan ní ẹnu ọ̀nà, ẹ tan ti ọ̀tún nígbà tí ẹ bá kọjá ọ̀nà tó ṣáájú èyí tí ẹ fẹ́ bọ́ sí. Tí ẹ bá fẹ́ yà sí òsì tàbí kí ẹ ṣẹ́rí padà, ti òsì ni ẹ máa tàn wọlé, ẹ ó sì rọra yí i sí ọ̀tún bí ẹ bá fẹ́ jáde. Inú ìwé Lọ́ńdọ̀nù, òdìkejì gbogbo èyí ni ẹ máa rí. Ẹ lọ sọ òtítọ́ fún olùkọ́ yín, kí ó lè mọ ibi tí yóò ti tún un ṣe.

Ọmọ Asẹ́rò

Mo lọ sọ fún wọn lónìí. Wọn kò bínú tó bí mo ṣe rò. Wọ́n ní, “Mo mọ̀ pé ibì kan lo ti gbé e wá, torí kò ju ẹyọ kan tí o kùnà nínú àwọn àmì.” Wọ́n tún gbé ìdérí ìgò jáde, wọ́n ní kí èmi fúnra mi máa ti páálí ìṣáná. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní, “Kí lo máa kọ́kọ́ wò?” Mo ní àmì onígun mẹ́ta funfun tó ní etí pupa, tó dorí kodò, àti ilà funfun tó já-já lójú ọ̀nà. Wọ́n ní, “Lẹ́yìn náà ńkọ́?” Mo ní, “Apá òsì, ọ̀gá.” Wọ́n ní, “Tí ọkọ̀ òsì bá jìnnà?” Mo ní màá wọlé. Wọ́n ní, “Tí o bá wọlé tí ẹnì kan lápá ọ̀tún ń juwọ́ bẹ̀ ọ́?” Mo rántí Ìyá Ìbejì, mo ní n kò ní dúró, àfi tí ènìyàn tàbí nǹkan bá dínà níwájú mi.

Ohun kan ló ṣì ń dààmú mi. Tí ọkọ̀ apá òsì kò bá tíì wọ ráńdábáòtù, tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀ pẹ̀lú eré, ta ni yóò dúró?

Olùkọ́ Àgbà Ìdí-Àbà

Èmi gbà pé kò sí nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ kò jẹ ẹ́ ní gbèsè ìdúró. Ṣùgbọ́n tí eré rẹ̀ bá lè gbé e dé iwájú yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ kà á sí ẹni tó ti wà nínú.

Bàbá Adìgbẹ́

Níbi èyí, n kò gbà, Olùkọ́. Tí ẹ̀yin méjèèjì bá jọ dé, ẹni òsì ni kí ó lọ, ì báà sáré, ì báà rọra. Tí ọmọ yìí bá wọlé lẹ́ẹ̀kan tí dánfó já lu ú, ta ni yóò máa ro ẹni tó jàre?

Ìyá Ìbejì Lafẹ́nwá

Bàbá, ẹ̀yin ni mo fara mọ́ níbi èyí. Ọmọ Asẹ́rò, bí ẹ bá tún rí olùkọ́ yín, ẹ bi wọ́n, kí ẹ sì padà wá sọ fún wa.