Omi abẹ́ tó ń rùn bí ẹja tún ti padà, ọkọ mi sì ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀

Ọmọ Ìjòkà, Mánṣẹ́sítà:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú pé irú ọ̀rọ̀ báyìí ni mo gbé wá, mi ò rẹ́ni bá sọ ọ́ níbí ni. Omi kan ló ń dà lábẹ́ mi, kò ki rárá, àwọ̀ eérú ni, òórùn ẹ̀ dà bíi ti ẹja tútù tó ti sùn. Kò yún mi o. Kílíníìkì sọ pé bíífíì ni, pé àwọn kòkòrò tó ń rùn ló pọ̀ jù nínú ojú ara mi, wọ́n fún mi ní mẹtironidasóòlù 400, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ 7, mo lò ó tán láì fo ọ̀kan, ó sì lọ. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ lórí òkun ní Abadíìn, ó máa ń pẹ́ níbẹ̀ kó tó wálé. Tí ò bá sí nílé ara mi á dá ṣáká, tó bá dé tá a sùn pọ̀, kò ní pẹ́ tí òórùn yẹn á tún bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn láti bí ọdún kan. Mo ti wá ń wo ojú ọkọ mi tí mi ò lè sọ ohun tó wà nínú mi. Ọjọ́ Jímọ̀ ló ń bọ̀. Kí ni kí n ṣe? Ṣé mo lè ní kí dókítà kọ oògùn fún òun náà ni?

Ìyá Ìbejì Hiúsítìn:
Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Ìnfẹ́kíṣọ̀n tọ́ílẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Gbé omi gbígbóná kaná, ju álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, jókòó lé e, kó o wá fi ìka fọ inú ẹ̀ dáadáa láàárọ̀ àti lálẹ́. Gbogbo oògùn òyìnbó yẹn, ṣe ló ń bò ó mọ́lẹ̀. Kó o sì béèrè lọ́wọ́ ọkọ ẹ ibi tó ń sùn ní Abadíìn.

Àǹtí Fọ́lá, Tòróńtò:
Ìyá Ìbejì, ẹ dákun, mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ èyí fún un. Álọ́ọ̀mù yìí gan-an ló fi ojú mi rí nǹkan. Tí mo bá fọ inú tán láàárọ̀, òórùn á lọ, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ á tún padà, èmi náà á tún fọ̀ ọ́ kíkan kíkan. Mo wá rò pé ohun tó máa ń yún obìnrin ló ń ṣe mí, mo lọ ra oògùn kíkì sábẹ́ ní kẹ́mísítì, ó wọ́n, mo tún rà á, mo tún rà á, kò ṣe nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n fi òwú gba omi náà tí wọ́n wò ó ni wọ́n tó sọ pé oògùn ìyún ni mo ti ń lò sí ohun tí kì í ṣe ìyún látọjọ́ yìí. Ìyún máa ń funfun, ó máa ń ki bí wàrà tó ti dì, kì í sì í rùn bí ẹja.

Ìyá Ìbejì Hiúsítìn:
Omi gbígbóná ni ìyá mi lò títí ó fi bí wa mẹ́jọ. Ẹ fi wá sílẹ̀ jàre.

Nọ́ọ̀sì Ẹkímọgún, Mẹ́líbọ́ọ̀nù:
Mà, ẹ ṣeun, mo gbọ́ yín, ìkúnlẹ̀ ni mo fi ń sọ̀rọ̀ o. Inú ojú ara kì í fẹ́ kéèyàn fọ̀ ọ́. Ó máa ń kan díẹ̀, kòkòrò rere tó ń jẹ́ laktobasílọ́ọ̀sì ló ń mú un kan, kíkan yẹn ni kì í jẹ́ kí àwọn kòkòrò tó kù ráyè. Téèyàn bá fọ inú ẹ̀, ó ti kó àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé dànù nìyẹn. Àwọn tó ń rùn yìí á wá gba ilé. Ìdí tí ẹni tó ń fọ̀ ọ́ fi ń tún un fọ̀ títí nìyẹn. Omi lásán sí ìta nìkan ti tó.

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ tìẹ wá jìn ju fífọ̀ lọ. Àtọ̀ ọkùnrin kì í kan, ìdí nìyẹn tí òórùn fi máa ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ìbálòpọ̀, nǹkan oṣù náà máa ń mú un bẹ́ẹ̀. Nítorí náà tí ó bá kàn rùn ní alẹ́ ọjọ́ kan tó sì lọ, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ náà ni bíífíì tó padà. Àmọ́ tí omi eérú yẹn bá tún ń dà lójoojúmọ́, a jẹ́ pé ó ti padà lóòótọ́. Kò sì ya ni lẹ́nu, ó lé ní ìdajì àwọn obìnrin tó lo oògùn yìí tó máa ń padà sí lára kó tó pé ọdún. Ṣé ẹ rántí nǹkan yíyọ̀ tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú dírọ́ọ̀mù omi nílé, tẹ́ ẹ bá da omi ẹ̀ nù tẹ́ ẹ tún pọn òmíràn sí i, yíyọ̀ yẹn ò kúrò? Báyẹn làwọn kòkòrò wọ̀nyí ṣe ń lẹ̀ mọ́ra wọn mọ́ ara obìnrin. Oògùn á pa àwọn tòkè, díẹ̀ nínú àwọn tó wà nísàlẹ̀ lè yè é, kó wá tún pọ̀.

Ìyá Ìbejì Hiúsítìn:
Ìwọ náà sọ pé tọ́kọ bá dé ló ń rùn. Ṣé mo parọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì Ẹkímọgún, Mẹ́líbọ́ọ̀nù:
Mà, ẹ̀yin náà rí apá kan ẹ̀. Ìlú mi níbí ni wọ́n ti ṣe ìwádìí kan lórí ẹ̀ tí èsì ẹ̀ jáde ní 2025. Tọkọtaya tí kò ní ẹlòmíràn ni wọ́n kó jọ, obìnrin ní bíífíì, wọ́n tọ́jú obìnrin nìkan ní apá kan, wọ́n tọ́jú tọkọtaya ní apá kejì. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ 12, nínú 100 obìnrin tó dá lo oògùn, ó padà sí bíi 63 lára, níbi tí ọkọ náà ti lo oògùn, bíi 35 ni. Ohun tí ọkọ lò ni mẹtironidasóòlù 400 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, pẹ̀lú kírímù kílíndamaísìn 2% tí ó ń fi pa orí okó àti ara ẹ̀ lókè lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ọjọ́ 7 ni méjèèjì. Tẹ́lẹ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n máa ń fún ọkùnrin nínú ìwádìí, kò sì ran ìyàwó lọ́wọ́, ìyẹn làwọn dókítà fi ń sọ pé ẹ má da ọkọ láàmú. Kírímù yẹn ló ṣe pàtàkì, torí ara awọ làwọn kòkòrò yìí máa ń sá sí, wọ́n sì tún wà nínú ojú ìtọ̀.

Àmọ́ èyí ò túmọ̀ sí pé ọkọ rẹ yàn ẹlòmíràn. Ohun tó gbà lára rẹ ló lè máa gbé padà fún ẹ. Má fi òórùn ṣe ẹ̀rí ẹjọ́.

Bàbá Dára, Dọ́bílììn:
Ẹ jọ̀wọ́ ẹ má lé mi síta, ọkùnrin ni mí, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n lò nínú ìwádìí yẹn, ṣé wọ́n dákọ? Torí àwa ọmọ Akúrẹ́ àti Oǹdó, wọ́n ti dákọ fún wa látijọ́ ìkókó.

Nọ́ọ̀sì Ẹkímọgún, Mẹ́líbọ́ọ̀nù:
Ìbéèrè yìí dáa. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò dákọ. Nítorí náà ẹni tó bá sọ fún ẹ pé iye tí mo kọ sókè yìí náà ló máa rí fún tọkọtaya tiwa, ó ti sọ ju ohun tí ìwádìí sọ. Èmi á ṣì gbìyànjú ẹ̀.

Àǹtí Fọ́lá, Tòróńtò:
Èmi ò rò pé ọkọ ni o, kọ́pà ìfètòsọ́mọbíbí ni tèmi. Wọ́n fún mi ní jẹ́ẹ̀lì tí mò ń kì sábẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, gbogbo ìgbà tí mò ń lò ó ara mi dá, bí mo ṣe dúró ló padà. Mo yọ kọ́pà yẹn, láti ìgbà yẹn mi ò tíì rí i mọ́.

Nọ́ọ̀sì Ẹkímọgún, Mẹ́líbọ́ọ̀nù:
Òótọ́ ni pé ó máa ń pọ̀ lára àwọn tó lo kọ́pà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì fẹ́ lóyún, kó má fa kọ́pà yọ torí ohun tí Àǹtí kọ síbí, kó kọ́kọ́ bá dókítà sọ ohun tó máa fi rọ́pò ẹ̀.

Àǹtí Fọ́lá, Tòróńtò:
Mi ò sọ pé kí wọ́n yọ ọ́. Mo ní tèmi lọ.

Oníkẹ́mísítì Ọjà Ọba, Akúrẹ́:
Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ kú àárò ilé. Mo ń ka gbogbo ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Níbí, tí obìnrin bá ti ní ó ń rùn, ibi àyẹ̀wò á kọ sítáàfù sínú ìwé, wọ́n á máa gún un lábẹ́rẹ́ fún ohun tí kò ṣe é, owó ńlá á sì lọ. Àbúrò, ohun kan ni mo fẹ́ bi ẹ́: ṣé wọ́n wo àrùn ìbálòpọ̀ tó ń jẹ́ tirikomónà lára ẹ? Òun náà máa ń rùn bẹ́ẹ̀, àmọ́ omi tiẹ̀ sábà máa ń pọ́n bí ìyeyè tàbí kó dà bí ewé, ó máa ń hó, ó sì lè máa yún. Tó bá jẹ́ òun, kò sí àríyànjiyàn, dandan ni kí ọkọ lo oògùn. Tí ìsàlẹ̀ ikùn bá ń dùn ẹ́, tí ibà bá wọ̀ ọ́, tàbí tó o bá lóyún, má dúró de Jímọ̀ kankan, lọ lónìí.

Ọmọ Ìjòkà, Mánṣẹ́sítà:
Ẹ ṣé gan-an mà. Wọn ò sọ tirikomónà fún mi, mo máa béèrè. Inú kò dùn mí, mi ò lóyún. Ṣé kí n dúró kí ọkọ mi dé ká jọ bẹ̀rẹ̀ ni?

Nọ́ọ̀sì Ẹkímọgún, Mẹ́líbọ́ọ̀nù:
Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má bára yín sùn títí ẹ̀yin méjèèjì á fi lò ó tán. Kírímù yẹn máa ń jẹ kọ́ndọ̀mù, kẹ́nikẹ́ni má fọkàn tán kọ́ndọ̀mù nígbà yẹn. Ẹ jẹun kí ẹ tó lo tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹnu á máa korò bí irin. Kílíníìkì ìlera ìbálòpọ̀ kì í gba owó lọ́dọ̀ yín, kí ọkọ rẹ lọ fúnra ẹ̀ tàbí kí ẹ jọ lọ. Bóyá wọ́n á kọ kírímù fún ọkùnrin, ìyẹn wà lọ́wọ́ dókítà tẹ́ ẹ bá bá. Ní kó tẹ `StepUp trial bacterial vaginosis` sórí ẹ̀rọ ẹ̀, ìwádìí tí mo sọ yẹn ló máa gbé jáde.

Ìyá Ìbejì Hiúsítìn:
Ó dáa, mo ti gbọ́ ti álọ́ọ̀mù. Ọṣẹ dúdú ńkọ́? Ọṣẹ Ọjà Ọba Akúrẹ́ tó mọ́ tó yìí?

Nọ́ọ̀sì Ẹkímọgún, Mẹ́líbọ́ọ̀nù:
Mà, eérú èèpo kòkó wà nínú ọṣẹ yẹn, kò kan rárá, òdìkejì ohun tí inú ojú ara ń fẹ́ ni. Ẹ fi wẹ ara yín títí tó fi máa dán, kó má wọ inú. Àti pé ọṣẹ Oǹdó ló mọ́, mà, ẹ má bínú.

Oníkẹ́mísítì Ọjà Ọba, Akúrẹ́:
Ha! Nọ́ọ̀sì, o ti ń ṣe dáadáa bọ̀ o, kí lo wá ń sọ yìí? Ibo ni àwọn Oǹdó ti ń wá ra ọjà?

Bàbá Dára, Dọ́bílììn:
Akúrẹ́ ló ni Ọba Adéṣidà, Oǹdó ló ni iyán. Ẹ jẹ́ ká pín in báyẹn. Iyán tí mo jẹ ní Yàbá Oǹdó kí n tó wọ bàálù, mo ṣì ń rántí ẹ̀ tí mo bá ń po èyí tó wà nínú páálí.

Àǹtí Fọ́lá, Tòróńtò:
Mo kọ́ṣẹ́ ní Ìjàpò, ọ̀rọ̀ yín ń pa mí lẹ́kún. Kòkó tí wọ́n sá sójú títì lọ́nà Ìdànrè, òórùn ẹ̀ ṣì wà nímú mi.

Ọmọ Ìjòkà, Mánṣẹ́sítà:
Mo pe kílíníìkì báyìí. Wọ́n ní kí ọkọ mi forúkọ sílẹ̀ fúnra ẹ̀, àwọn ò lè ṣèlérí kírímù lórí fóònù. Èmi ni wọ́n fún ní ọjọ́ Tọ́sìdeè fún àyẹ̀wò òwú.

Ìyá Ìbejì Hiúsítìn:
Kú iṣẹ́ ọmọ mi. Bá mi kí ọkọ ẹ. Nọ́ọ̀sì, ta ló ń ti Oǹdó bọ̀ ní Hiúsítìn tó lè bá mi gbé ọṣẹ yẹn wá? Kílò méjì péré ni.