Pútù: ṣé adójútòfò ìpín ni, àbí ẹ̀tọ́ títà?

Ọ̀gbufọ̀: Ẹ̀yin àgbà, ìwé tí mò ń túmọ̀ ń sọ bí ẹni tó ní ṣíà ṣe ń ra pútù sílẹ̀ de ọjọ́ tí ọjà bá já lulẹ̀. "Adójútòfò ìpín" ni mo kọ. Ṣé ó bá a mu?

Alágbàtà: Ó sún mọ́ ọn, àmọ́ ó máa ṣi òǹkàwé lọ́nà. Adójútòfò kì í sanwó àfi bí òfò bá ṣe ọ́. Pútù ò béèrè òfò. Ẹni tí kò ní ṣíà kankan pàápàá lè rà á. Ohun tí o rà ni ẹ̀tọ́ láti ta ṣíà ní iye tí ẹ ti fẹnu kò sí, kí ọjọ́ àdéhùn tó kọjá. Bó ò bá fẹ́, o fi sílẹ̀. Ẹni tó tà á fún ọ ni kò lè kọ̀. "Ẹ̀tọ́ títà" ni kó o kọ.

Ká ní o ní 100 ṣíà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 100 dọ́là. O ra ẹ̀tọ́ títà ní 90 fún oṣù mẹ́ta, o san dọ́là 2 lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 200. Bí ṣíà bá já sí 60, wàá ṣì tà á ní 90. Òfò rẹ á jẹ́ 1,200 dípò 4,000. Ṣùgbọ́n bó bá já sí 95 péré, 500 lọ lórí ṣíà, 200 náà sì tún lọ.

Ìyá Ìbejì: Bí ọjà ò bá já, wọ́n á dá 200 yẹn padà, àbí?

Alágbàtà: Rárá o, mà. Ó ti lọ nìyẹn. Bí ẹ bá sì ń rà á lóṣù mẹ́ta mẹ́ta ní iye kan náà, 800 ni lọ́dún. Bí ìbẹ̀rù bá ti wọ ọjà, á tún wọ́n sí i. Ẹni tó dúró dìgbà tí ọjà já kó tó rà á, owó gọbọi ni yóò san.

Bàbá Àgbà: Èmi ò náwó kankan. Mo ní kí alágbàtà mi ta tèmi bó bá ti wálẹ̀ dé 90. Ìròyìn burúkú jáde lóru, ọjà ṣí ní 72, 72 náà ló tà á.

Alágbàtà: Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ẹ pàṣẹ ni, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò ṣèlérí pé òun á rà á ní 90. Ìlérí yẹn ni olówó pútù ń san 200 fún.

Olùkọ́ Èdè: Ohun tó ń bí mi nínú sí "ẹ̀tọ́ títà" nìyẹn. Ta ni kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ta ohun ìní rẹ̀? Ọ̀ranyàn ẹlòmíràn la rà. Mo fara mọ́ "ìdè olùrà".

Alágbàtà: Olùrà wo? Ẹni tó ta pútù ni wọ́n fi dè láti ra ṣíà, ẹni tó ra pútù ló sì ń ta ṣíà. Òǹkàwé á dàrú.

Ọ̀gbufọ̀: Màá ṣì lo "ẹ̀tọ́ títà". 200 yẹn ńkọ́? Ṣé "owó ẹ̀tọ́" ni?

Olùkọ́ Èdè: Owó ẹ̀tọ́ ni èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ san fún ọ. Èyí, ìwọ lò ń san án. Má tíì kọ ọ́ sílẹ̀.