Orúkọ wo ló yẹ ẹ̀rí tí ọlọ́pàá rí láì ní ìwé àṣẹ?

Àyìnkẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń tú ìwé òfin kan sí Yorùbá. Mo pe wáráǹtì tí kóòtù ń fún ọlọ́pàá kó tó wọlé onílé ní "ìwé àṣẹ ìtúlé", mo sì pe ohun tí wọ́n bá rí láì ní in ní "ẹ̀rí òfo". Ṣé méjèèjì máa lọ?

Akọ̀wé Àgbà: "Ìtúlé" yẹn ń kọ mí lóminú, torí ilé tí tọkọtaya ti kọ ara wọn sílẹ̀ làwa ń sọ pé ó tú. "Ìwé àṣẹ àyẹ̀léwò" ńkọ́?

Ọmọ Lọ́yà: Àyẹ̀léwò dùn létí. "Ẹ̀rí òfo" gan-an ló tọ̀nà o, kóòtù ò lè gbà á níbikíbi. Ẹ wo ẹjọ́ Mapp ní Amẹ́ríkà. Ọlọ́pàá fipá wọlé obìnrin kan tó ń jẹ́ Mapp ní Cleveland lọ́dún 1957, ó ní kí wọ́n fi wáráǹtì han òun, wọ́n na bébà kan sókè, ó já a gbà ó kì í bọ àyà, wọ́n bá bá a wọ̀yá ìjà títí wọ́n fi gbà á padà. Nígbà tó dé kóòtù, wọn ò rí wáráǹtì kankan mú jáde! Lọ́dún 1961 Kóòtù Gíga Jùlọ wọn ní àwọn ò gba ohun tí wọ́n rí nínú ilé náà.

Bàbá Kóòtù: Òótọ́ ni ti Mapp, ṣùgbọ́n "níbikíbi" yẹn ni mo máa bá ẹ jà lé lórí. Ẹ jẹ́ ká wo ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kuruma ní Kẹ́ńyà, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso ibẹ̀. Wọ́n dá a dúró níbi tí ọlọ́pàá ti ń yẹ èèyàn wò lójú ọ̀nà, òfin ìgbà yẹn sì sọ pé ọlọ́pàá tí ipò ẹ̀ ò bá tó igbákejì ìnísípẹ́kítọ̀ ò gbọdọ̀ yẹ ara ẹnikẹ́ni wò láì ní wáráǹtì. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ò tó ipò yẹn. Wọ́n ní àwọn rí ọta ìbọn méjì lára ẹ̀, wọ́n dájọ́ ikú fún un. Ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1954, wọ́n ní tí ẹ̀rí bá ti kan ẹjọ́, kò kan kóòtù bí wọ́n ṣe rí i, àyàfi tí adájọ́ bá rí i pé gbígbà á máa yan ẹni náà jẹ. Ẹ̀rí àwọn ọlọ́pàá tí òfin ò fún láṣẹ yẹn kì í ṣe òfo o, òun ni wọ́n fi dá a lẹ́bi.

Ti Nàìjíríà wà láàárín méjèèjì. Òfin Ẹ̀rí 2011, abala 14, ní kí kóòtù gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, àyàfi tó bá rí i pé ewu tó wà nínú gbígbà á ju àǹfààní ẹ̀ lọ. Abala 15 wá sọ ohun tí adájọ́ máa wò: bí ẹ̀rí náà ṣe lágbára tó, bí ẹ̀ṣẹ̀ náà ṣe wúwo tó, ṣé ọlọ́pàá mọ̀ọ́mọ̀ rú òfin ni, ṣé ọ̀nà tó tọ́ máa le láti gbà. Torí náà ohun méjì la ní láti sọ lórúkọ: bí ẹ̀rí ṣe wọlé, àti ohun tí kóòtù fi ṣe. Mo pe àkọ́kọ́ ní "ẹ̀rí àgbàlódì", kí ìkejì jẹ́ "kíkọ ẹ̀rí", ìyẹn ni pé kóòtù ò gbà á.

Dèjì: Ẹ̀yin ará, ọlọ́pàá kan gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ń ka Wásáàpù mi láì fi ìwé kankan hàn mí. Ẹ̀rí àgbàlódì nìyẹn àbí? Ṣé ẹ̀yin le bá mi gba fóònù mi?

Bàbá Kóòtù: Dèjì, orúkọ là ń wá níbí, lọ́yà ni kó o wá ní tìẹ. Ṣùgbọ́n bi ara ẹ, ìwọ lo ṣí i fún un ni àbí ó fipá ṣí i? Tẹ́ni tó ni nǹkan bá fínnúfíndọ̀ ní "ẹ máa wò ó", ìjà wáráǹtì fẹ́ẹ̀ tán nìyẹn.

Dèjì: Ó ní kí n ṣí i ni, ìbọn wà lọ́rùn ẹ̀, kí ni mo fẹ́ ṣe?

Bàbá Kóòtù: Ìyẹn ò jọ ìfínnúfíndọ̀ létí mi o. Sọ ọ́ fún lọ́yà bó o ṣe sọ ọ́ yẹn gẹ́lẹ́, má yọ ti ìbọn kúrò.

Akọ̀wé Àgbà: "Àgbàlódì" ò tíì wọ̀ mí lọ́kàn. Ọwọ́ èèyàn la ti ń gba nǹkan, ohun tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, rírí la rí i.

Bàbá Kóòtù: Ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fi ẹgba gbà lẹ́nu èèyàn ńkọ́? "Rí" ò lè gbé ìyẹn.

Ọmọ Lọ́yà: Ìjẹ́wọ́ ní abala tiẹ̀ nínú òfin náà, abala 29 ni, ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń dá a. Ẹ má kó o mọ́ tiwa.

Àyìnkẹ́: Ẹ ṣé o. Mo ti pa "ẹ̀rí òfo" rẹ́. Mo mú àyẹ̀léwò àti kíkọ ẹ̀rí. Àgbàlódì ṣì wà pẹ̀lú àmì ìbéèrè títí Akọ̀wé Àgbà á fi mú òmíràn wá.