Ọ̀rọ̀ Faransé tó jọ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìtumọ̀ wọn ò pàdé: ẹ wá sọ èyí tó ṣojú yín

Ọmọ Òkèfìà
Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà Kùtọnu tàbí Lomé, àti ẹ̀yin tí ẹ kọ́ Faransé níléèwé, ẹ wá bá wa sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ wo lẹ bá pàdé tó jọ ti Gẹ̀ẹ́sì lójú, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló ń sọ, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ọ̀rẹ́ tó ń tanni jẹ? Èyí tó ṣojú yín ni mo fẹ́ o, kì í ṣe èyí tí ẹ kà nínú ìwé.

Olówó Ìgbọ̀nà
Librairie. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìwé ni. Má wọlé lọ jókòó kàwé.

Ìyá Wálé
Tèmi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Télọ̀ kan láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń gbé àgbàlá wa ní Àlekúwodó. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ, ó fún ọmọ kan ní ìgò pé kó lọ ra "pẹtiróòlù" wá fún láńtà òun. Ọmọ yẹn lọ bá àwọn tó ń ta epo nínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n sì wọn bẹntiróòlù fún un, torí ohun tó bèèrè nìyẹn. Télọ̀ ti rọ ọ́ sínú láńtà, ó ń wá ìṣáná, ni òórùn rẹ̀ bá gba imú ìyá ọkọ mi lẹ́yìn ilé. Igbe tí Màmá fi bọnu, gbogbo wa sá jáde. Mo ti ìka bọ ẹnu ìgò náà. Kí n tó rí aṣọ fi nù ún, ó ti gbẹ, ìka mi tutù. Kẹrosíìnì kì í gbẹ bẹ́ẹ̀, ọ̀rá rẹ̀ á ṣì wà lọ́wọ́ èèyàn.

Olówó Ìgbọ̀nà
Ẹ má bínú o, Ìyá Wálé. Ṣé kò gbóòórùn rẹ̀ nígbà tó ń rọ ọ́ ni? Ìtàn yìí fẹ́ ṣe mí bákan.

Ìyá Wálé
Ó gbọ́ ọ. Ó ní òun rò pé bí kẹrosíìnì Nàìjíríà ṣe ń rùn nìyẹn. Àlejò ni, kí ni kó ti mọ̀?

Bàbá Jẹnẹrétọ̀
Ọlọ́run ló yọ yín. Kẹrosíìnì gidi gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí 38°C kí ohun tó ń fẹ́ jáde lára rẹ̀ tó lè gbaná, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè gbé e sínú àtùpà. Ti bẹntiróòlù kò dúró de ooru kankan, bó tilẹ̀ wà nínú yìnyín, ohun tó ń fẹ́ jáde lára rẹ̀ á gbaná. Kì í ṣe òwú nìkan ni ìbá mú iná. Gbogbo inú láńtà yẹn ni ìbá bú.

Awakọ̀ Sẹ̀mẹ̀
Télọ̀ yẹn ò ṣì í sọ. Lọ sílé epo ní Kùtọnu kí o wo pátákó iye owó wọn: ESSENCE, GASOIL, PÉTROLE, MÉLANGE. Essence ni bẹntiróòlù tiwa. Gasoil ni dísù. Mélange ni bẹntiróòlù tí wọ́n ti po ọ́ìlì mọ́, tọ̀kadà tó ń mu epo àti ọ́ìlì pọ̀ ni. Pétrole ni kẹrosíìnì. Ẹni tó bá gbé mọ́tò débẹ̀ tó ní "pétrole, kún un", kẹrosíìnì ni wọ́n á rọ fún un, kò sì sẹ́ni tó rẹ́ ẹ jẹ.

Mo ti bá ẹnìkan tú tánkì nítorí èyí. Mọ́tò rẹ̀ kọ́kọ́ lọ dáadáa, torí epo àtijọ́ ṣì wà nínú páìpù. Nígbà tó rìn díẹ̀, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kan gbá-gbá, èéfín funfun tẹ̀ lé e, ó sì kú. Ẹni tó bá fura nílé epo, kó má ṣíná rárá. Kó ní kí wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n fa epo náà jáde kó tó dénú ẹ́ńjìnnì.

Adé Ìmọ̀
Ẹ̀yin ará, ìdí rẹ̀ kò le. Faransé ló ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Wílíámù ará Nọ́máńdì gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, ó kó wọn lọ, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì bà wọ́n jẹ́. Ti Faransé ni ojúlówó.

Tíṣà Ayétòrò
Adé, 1066 kó ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n pétrole kò sí nínú ẹrù Wílíámù. Látìn ló ti wá: òkúta àti epo, epo inú àpáta. Kí mọ́tò tó dáyé, epo àtùpà lohun tí wọ́n ń fọ epo rọ̀bì fún jù, orúkọ yẹn sì mọ́ ọn lára lẹ́nu Faransé. Nígbà tí mọ́tò dé ní ìparí ọ̀rúndún 19, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi irú orúkọ kan náà pe epo mọ́tò. Ta ló bà á jẹ́ níbẹ̀?

Librairie tí Olówó sọ tún wá yàtọ̀. Nígbà ayé Montaigne, ní ọ̀rúndún 16, librairie ni òun alára ń pe yàrá tó kó ìwé rẹ̀ sí. Faransé ló yí padà, Gẹ̀ẹ́sì dúró síbi tó wà. Pain tó jẹ́ búrẹ́dì àti pain tó jẹ́ ìrora kò sì bára tan rárá, ìrísí ló ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀.

Adé Ìmọ̀
Mo gbọ́ ti pétrole. Síbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, Faransé ló ni wọ́n. Mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Aláńkárá Olúọdé
Ọ̀rẹ́ tó ń tanni jẹ lẹ ń sọ, àbí? Èmi ní ọ̀kan ní Lomé. Mo san owó àsansílẹ̀ fún un torí àńkárá aṣọ ẹbí. Ìwé tó kọ rèé: « Délai de livraison : 30 jours. Livraison éventuellement avant Noël. » Mo ka délai, mo rò pé tó bá pẹ́ jù, kò ní ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ. Ìkejì wá fọkàn mi balẹ̀, pé bó ti wù kó rí, kó tó di Kérésì ẹrù á dé. Kérésì ti lọ, n ò rí aṣọ. Èké ni.

Tíṣà Ayétòrò
Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ kọ́ la ń sọ o, ṣùgbọ́n ìwé rẹ bọ́ sí i gan-an. Délai kì í ṣe ìdádúró. Àkókò tó fún ara rẹ̀ láti kó ẹrù dé ni: ó ní láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Tó bá fẹ́ sọ pé òun á pẹ́, retard ni ìbá kọ. Tí o bá wá rí « sans délai », kíákíá ló ń sọ, ibẹ̀ ló ti sún mọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Éventuellement ló ṣe ọ́ ní jàǹbá. Kò sọ pé ẹrù á padà dé. "Bóyá" ni. Bóyá kó dé kí Kérésì tó dé, bóyá kó má dé. Kò ṣèlérí Kérésì fún ọ.

Aláńkárá Olúọdé
Ó dáa, bóyá ni. Ọgbọ̀n ọjọ́ rẹ̀ ńkọ́? Òun náà ti kọjá tipẹ́.

Tíṣà Ayétòrò
Ibẹ̀ lo ti lè dá a dúró. Délai jẹ́ àdéhùn, kì í ṣe bóyá.

Ìyá Wálé
Kó má kọ̀wé ìbínú o. Ọ̀rọ̀ ajé ni.

Aláńkárá Olúọdé
Mo fẹ́ kọ « Je vous demande la date exacte de livraison », àmọ́ ọmọ mi ní demande yẹn le jù, pé ńṣe ló dà bí ẹni ń pàṣẹ.

Tíṣà Ayétòrò
Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Demander kò le, ìbéèrè lásán ni. Fi « s'il vous plaît » sí i.

Awakọ̀ Sẹ̀mẹ̀
Tí kò bá fèsì títí di Ọjọ́bọ̀, fi àdírẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Lomé ni mò ń gbé èrò lọ ọ̀sẹ̀ yìí.