Àgbá ni àbí ìtì? Lórí ohun tó ń yí gbirigbiri lórí pákó

Ọmọ Àgbádárìgì: Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi yẹ ìtumọ̀ yìí wò: «Àgbá kan ń yí bọ̀ lórí pákó tó dagẹ̀rẹ́ láìyọ. Ẹ fi ìṣẹ́jú ọ̀lẹ rẹ̀ wá eré tó máa bá dé ìsàlẹ̀.» Inú sìlíńdà náà dí, kò ní ihò. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní «moment of inertia» ni mo pè ní ìṣẹ́jú ọ̀lẹ. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Olùkọ́, Ìkòròdú: Kò dáa, àbúrò. Àgbá ní ikùn, epo là ń rọ sínú rẹ̀. Èyí tí inú rẹ̀ dí, ìtì ni. Orí ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ìṣirò náà dúró lé.

Jẹ́ kí ìtì náà wọn kílò 2, kí pákó gùn ní mítà 1, kí a gbé orí rẹ̀ sókè ní sẹ́ǹtímítà 30. Agbára tó ní lókè, Mgh, jẹ́ júùlù 5.88. Bó ṣe ń bọ̀, ó ń pín in sọ́nà méjì, apá kan fún ìrìn, apá kan fún yíyí:

Mgh = ½Mv² + ½Iω²

v ni eré ìrìn, ω ni eré yíyí, R ni ìdajì ìbú, I ni ohun tí o pè ní ìṣẹ́jú ọ̀lẹ. Ti ìtì, I = ½MR². Nígbà tí kò yọ̀, ω = v/R, nítorí náà R á pa ara rẹ̀ rẹ́, á wá ku Mgh = ¾Mv². Eré rẹ̀ nísàlẹ̀ jẹ́ mítà 1.98 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Ìrìn gba júùlù 3.92, yíyí gba 1.96. Àgbá òfìfo tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ ní I = MR², ìdajì-ìdajì ló ń pín tirẹ̀, eré rẹ̀ ò sì ju 1.71 lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ka «àgbá» nínú ìbéèrè rẹ á kọ 1.71, ìwọ lo ṣì í lọ́nà.

«Láìyọ» ńkọ́? Láìyọ̀ ni, ohùn ìsàlẹ̀, bí ẹsẹ̀ ṣe ń yọ̀ lórí ẹrẹ̀. Èyí tó o kọ yẹn ni ti eyín tí kò yọ.

«Ìṣẹ́jú ọ̀lẹ» wá ńkọ́? Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò tó sọ I yìí lórúkọ ní Látìn nínú ìwé rẹ̀ ti 1765 kò sọ̀rọ̀ àkókò rárá, ibo ni ìṣẹ́jú ti wá? Ọ̀lẹ pàápàá kò bá a mu. Ọ̀lẹ kì í fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kíá ló ń dúró. Ohun yìí kì í fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí yí, bó bá sì ti ń yí, kì í fẹ́ dúró. Agídí yíyí ni kí o pè é.

Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú: Ẹ ṣeun, sà. Mo fara mọ́ ìtì. Ká ní pákó yẹn ń yọ̀ pátápátá ni, eré rẹ̀ ì bá tó 2.42. Pákó tó ń dì í mú ló jẹ ìyókù agbára náà, àbí? Kí ẹ fi ìyẹn sínú ìtumọ̀.

Olùkọ́, Ìkòròdú: 2.42 yẹn tọ̀nà, mà. Ìdí tí ẹ fún un ni kò tọ̀nà. Ojú ibi tí ìtì ti kan pákó dúró jẹ́ẹ́ ní àkókò tó kàn án, nítorí náà ìdìmú pákó kò jẹ nǹkan kan. Òun ló ń yí ìtì, júùlù 1.96 yẹn wà nínú yíyí rẹ̀. Ìgbà tó bá ń yọ̀ tó sì ń ha pákó ni agbára ń sọnù, tó ń di ooru.

Ẹ lè fojú rí i. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì tútù sàmì sí etí ìtì tí ìdajì ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ́ǹtímítà 5. Àmì tó ń tẹ̀ sára pákó gbọ́dọ̀ jìnnà síra ní 31.4. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti ń yọ̀. Fún pákó wa yìí, ìdìmú tó jẹ́ 0.105 ti tó, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́ta tan θ, θ ni igun tí pákó fi dagẹ̀rẹ́. Bí òróró bá ta sí i tí ìdìmú wá lọ sílẹ̀ ju ìyẹn lọ, ẹ má lo ¾Mv² mọ́.

Bàbá Ẹ̀pẹ́: Agídí kẹ̀? Àìsàn ọmọ tí kò gbọ́ràn ni agídí. Àwọn àgbà tó tọ́ wa kò ní bá igi wí bẹ́ẹ̀. Ìlọ́ra ni kí ẹ kọ.

Olùkọ́, Ìkòròdú: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ohun tó ń lọ́ra kì í sáré. Ìtì tó ti ń sáré bọ̀ ṣì ní in.

Bàbá Ẹ̀pẹ́: Mo ti gbọ́. Ìlọ́ra ni mo ṣì wí. Èmi ní tèmi, àgbá dísù ni mò ń yí sọ̀ kalẹ̀ lórí pákó sínú ọkọ̀ ojú omi. Ó kún dẹ́nu. Ṣé ìtì ni ẹ máa pe ìyẹn náà?

Olùkọ́, Ìkòròdú: Rárá o, Bàbá. Dísù kò le bí igi. Ara irin ló ń yí, epo inú rẹ̀ kì í tètè bá a yí, nítorí náà díẹ̀ ló ń gbà fún yíyí. Lórí pákó kúkurú bẹ́ẹ̀, á yára ju ìtì lọ. Ẹ má dúró níwájú rẹ̀.

Ọmọ Àgbádárìgì: Mo ti kọ ìtì, mo ti kọ láìyọ̀. Mo fi àlàfo sílẹ̀ síbi orúkọ I. Ṣùgbọ́n àgbá tó kún yẹn, tí kì í ṣe ìtì tí kì í sì í ṣe òfìfo, kí ni kí n pè é?