Ẹ sọ tiyín: fídíò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí a kọ sílẹ̀ kí a tó yà á

Ọmọ Òkè Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ ẹni méjì sílẹ̀, wọ́n á jókòó ti mikíró bí ẹni tó ń ṣe pọ́dkáàstì, a ó yà wọ́n, a ó sì gé e kéékèèké fún ojú fóònù. Ìyá kan tó ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ìlú wa ni mo ń kọ tirẹ̀ lọ́wọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rèé: "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ káàbọ̀ sórí ètò wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ̀rọ̀ nípa kajú." Lẹ́yìn náà ni Ìyá ń ṣàlàyé bí kajú ṣe gbọ́dọ̀ gbẹ kó tó wọ àpò.

Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, àmọ́ kò ládùn. Kí lojú yín ti rí nídìí iṣẹ́ yìí? Báwo lẹ ṣe ń kọ àwòrán tí ẹ fi ń bo ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀? Báwo lẹ sì ṣe ń ṣe àkọlé ọ̀rọ̀ ẹnu tó ń fò lójú fídíò yẹn?

Bàbá Montáàjì, Àjàṣẹ́

Ọmọ Òkè, ìkíni ti gba ọ̀nà mọ́ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó ń fi àtàǹpàkò yí ojú fóònù sókè kò tíì mọ ìdí tó fi yẹ kó dúró, ìwọ ti ń kí i káàbọ̀. Nínú fídíò 40 ìṣẹ́jú-àáyá, bí 8 bá bá ìkíni àti orúkọ ètò lọ, o ti pàdánù wọn. Ya ìkíni náà o, kí Ìyá má baà rí ọ bí ọmọ tí wọn ò kọ́, ṣùgbọ́n fi í sílẹ̀ fún fídíò gígùn. Mo tún tìrẹ kọ:

ÌYÁ: Mi ò kì í ra kajú tí kò bá dún.
OLÙBÉÈRÈ: Kajú ń dún kẹ̀, Màmá?
ÌYÁ: Gbọ̀n ọ́n létí rẹ. (Ó dákẹ́ díẹ̀.) Èyí tó gbẹ, ọmọ inú rẹ̀ ti yọ lára èèpo, á máa ró kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Èyí tó tutù kò ní fọhùn.
OLÙBÉÈRÈ: Ṣé kò ní gbẹ nínú àpò ni?
ÌYÁ: Nínú àpò? Á bu ni! Sá a sóòrùn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ná.

Kíyè sí olùbéèrè: kò fi ìmọ̀ hàn, ohun tí ẹni tó ń wò ó fẹ́ béèrè ló ń béèrè.

Ní ti àwòrán àfibò, má kọ "àwòrán kajú" kí o dákẹ́. Ẹni tó ń yà á lè lọ mú kajú sísun funfun inú ike wá, ará Ṣábẹ̀ẹ́ á sì rẹ́rìn-ín. Kọ ọ́ báyìí: "Ọwọ́ obìnrin nìkan, ó bu kajú gbígbẹ eléèpo láti inú àpò, ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Òòrùn ìrọ̀lẹ́ láti ẹ̀gbẹ́. Kámẹ́rà dúró sójú kan. 4 ìṣẹ́jú-àáyá. Gba ohùn kajú náà." Ibi tí Ìyá ti dákẹ́ ni ohùn náà máa wọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìdákẹ́jẹ́ sínú ọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ kejì tí àwòrán àfibò ń ṣe ni pé ó ń bo ojú ibi tí a gé. Bí o bá gé gbólóhùn kan kúrò, orí Ìyá á fò lójijì. Jẹ́ kí àwòrán wọlé ṣáájú ojú gígé díẹ̀, kó sì kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń bá a lọ lábẹ́. Ṣùgbọ́n "Á bu ni!" yẹn, ojú rẹ̀ ni kí wọ́n rí. Má fi ohunkóhun bò ó.

Ìyá Ìbejì Kétu

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fara mọ́ ti ìkíni. Àwọn àgbà ilé wa tí wọ́n wo irú rẹ̀ ní ọmọ náà ń bi àgbàlagbà léèrè ọ̀rọ̀ láìkúnlẹ̀. Àwọn náà ń wo fóònù o.

Tèmi lórí àwòrán rèé. A bá ọ̀gbẹ́ni kan sọ̀rọ̀ lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹni tó kọ ìwé àwòrán kọ "eégún ń jó". Ẹni tó ń to fídíò kì í ṣe ará ibí, ó sì fi Egúngún gidi sí i, aṣọ bò ó látòkè délẹ̀, nígbà tí ọ̀gbẹ́ni ń sọ̀rọ̀ nípa ère orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Èébú tó wá lábẹ́ fídíò yẹn, ẹ má bi mí. Látìgbà náà, mo ń kọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ hàn pẹ̀lú.

Kọ́fí Fóònù

Ẹ̀yin ń da ara yín láàmú. Ní ti àkọlé, ẹ lẹ ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ tẹ́lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ yọ gbogbo àmì ohùn kúrò, ó parí. Àmì yẹn ló ń bà á jẹ́. Tèmi, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ń jáde, àmì á sì máa fò lókè bí eṣinṣin.

Bàbá Montáàjì, Àjàṣẹ́

Kọ́fí, o gba ìdajì. Ó dára kí a má dúró de ẹ̀rọ kó gbọ́ èdè wa, ìwé wa ló yẹ kí àkọlé ti wá. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń sọ ohun tí a kọ sílẹ̀ gẹ́lẹ́. Gbọ́ fídíò náà tán, kí o tún un ṣe.

Ní ti àmì: ẹ́ kì í ṣe lẹ́tà kan lójú ẹ̀rọ. Ẹ ni àkọ́kọ́, àmì òkè sì jẹ́ ohun ọ̀tọ̀ tó gùn ún. Bí o bá ní kí lẹ́tà máa jáde níkọ̀ọ̀kan, o ti ya wọ́n nìyẹn. Ní kí ọ̀rọ̀ máa jáde lódindi. Lo lẹ́tà tó mọ àmì wa, Noto Sans ń ṣe é dáadáa. Dín ìlà dúdú tó yí lẹ́tà ká kù, òun ló ń gbé àmì ìsàlẹ̀ ọ àti ṣ mì. Bí o bá kọ gbogbo rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá, àmì á lu ìlà òkè.

Gé e níbi tí ìtumọ̀ ti já, má sì jẹ́ kí àkọlé sọ ọ̀rọ̀ kí ẹnu tó sọ ọ́:

```
1
00:00:00,000 --> 00:00:01,100
Mi ò kì í ra kajú

2
00:00:01,100 --> 00:00:02,000
tí kò bá dún
```

"Dún" nìkan ni kí o yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Gbé e sí abẹ́ àárín díẹ̀, kì í ṣe ìsàlẹ̀ pátápátá, ibẹ̀ ni orúkọ àti àlàyé máa ń bò.

Dèlé Rédíò

Ẹ kú iṣẹ́. Mikíró wo ló dára tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́? Tèmi ń hó nígbà tí mo ń bá àwọn onílù Àjárá sọ̀rọ̀.

Ìyá Ìbejì Kétu

Dèlé, àkọlé la ń sọ, kì í ṣe mikíró. Fi kànrìnkàn bo orí rẹ̀.

Tíṣà Alẹ́, Àjàṣẹ́

Bàbá, ẹ̀yin ń kọ ẹ àti ọ. Àwọn tí mò ń kọ́ nílé ẹ̀kọ́ alẹ́ ɛ àti ɔ ni wọ́n mọ̀, nítorí òun ni álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Bí àkọlé bá yára kọjá, wọn ò rí i kà. Mo mọ̀ pé ará Nàìjíríà tó ń wò ó á ní kí nìyí.

Bàbá Montáàjì, Àjàṣẹ́

Òótọ́ ni. Mo ń wo ibi tí àwọn tó ń wo fídíò pọ̀ sí kí n tó yan. Kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọmọ Òkè Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ ṣeun o, Bàbá. A ti yà á. Ìyá kọ̀ láti sọ "á bu ni" bí mo ṣe kọ ọ́. Ó fi èdè Ṣábẹ̀ẹ́ sọ tirẹ̀, ó dùn ju tèmi lọ. Ṣé bó ṣe sọ ọ́ ni kí n kọ sí àkọlé, àbí ti ìwé?

Bàbá Montáàjì, Àjàṣẹ́

Bó ṣe sọ ọ́.

Kọ́fí Fóònù

Ti ìwé o! Ta ló máa lóye?