Òdo àti #DIV/0! ń ba ìpíndọ́gba èrè mi jẹ́. Ta ló ti rí irú rẹ̀?

Aládìrẹ Ìtòkú: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èrè orí ìdì àdìrẹ kọ̀ọ̀kan ni mo ń kọ sí Excel lójoojúmọ́. C2 dé C7 ti ọ̀sẹ̀ yìí nìyí: 3000, 0, òfìfo, 4200, #DIV/0!, 3600. Ọjọ́ tí a kò ṣí ìsọ̀ ni òdo yẹn. #DIV/0! ń yọjú níbi tí ọmọ iṣẹ́ mi bá ti gbàgbé láti kọ iye ìdì tí a tà. AVERAGE kàn ń gbé #DIV/0! padà fún mi ni.

Akọ̀wé Kútọ̀: Mo ti bá a pàdé níbi owó àjẹmọ́nú òṣìṣẹ́. Ẹ tẹ `=AVERAGEIF(C2:C7,"<>0")`, òdo á fò.

Aládìrẹ Ìtòkú: Mo tẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n. #DIV/0! náà ló tún kó wá.

Ọmọ Pánṣẹ́kẹ́: AGGREGATE ló ń fo àṣìṣe: `=AGGREGATE(1,6,C2:C7)`. Èmi ò fi í ṣeré.

Aládìrẹ Ìtòkú: Ó mú 2700 jáde. Ó ti ka ọjọ́ tí a kò ṣí ìsọ̀ mọ́ ọn.

Baba Olùṣirò: Ẹ̀yin méjèèjì gbà á ní ìdajì. Lójú `"<>0"`, #DIV/0! kì í ṣe òdo, nítorí náà ó wọlé, ó sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ yí i padà báyìí:

```
=AVERAGEIF(C2:C7,">0")
```

Àṣìṣe kì í ṣe nọ́ńbà, kò lè ju òdo lọ, ẹnu ọ̀nà ló máa dúró sí. Òfìfo kò tilẹ̀ yọ wá lẹ́nu tẹ́lẹ̀, AVERAGE fúnra rẹ̀ ń fò ó. Ó ku 3000, 4200 àti 3600: 10800 pín sí mẹ́ta, 3600.

Aládìyẹ Láfẹ́nwá: Ẹ jọ̀ọ́ o, adìyẹ ni tèmi, àdánù sì wà níbẹ̀. Mo ní 5000, 0, #N/A àti -2000. `">0"` ní èrè mi jẹ́ 5000!

Baba Olùṣirò: Ó ju àdánù yín nù ni. 1500 ló yẹ kó jẹ́. Ẹ lo èyí:

```
=AVERAGE(IF(ISNUMBER(C2:C5),IF(C2:C5<>0,C2:C5)))
```

Bí Excel yín bá ti pẹ́, Ctrl+Shift+Enter ni kí ẹ tẹ̀, kì í ṣe Enter lásán. Ẹ má sì fi AND dípò IF méjèèjì, èsì kan ṣoṣo ni AND ń mú wá fún gbogbo ìlà.

Akọ̀wé Kútọ̀: Kí la fẹ́ ṣe sí ọjọ́ tí wọ́n ṣí ìsọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò rà? Òdo gidi nìyẹn.

Baba Olùṣirò: Ẹ fi ọjọ́ tí ẹ kò ṣí sílẹ̀ lófìfo, kí òdo jẹ́ ti ọjọ́ tí ọjà kò tà. Nígbà náà, ti Ọmọ Pánṣẹ́kẹ́ ló bá a mu.

Aládìrẹ Ìtòkú: Èrè orí ìdì kan ni mo ń wá, sà. Bí n kò bá ta ìdì kankan, èrè orí èwo ni máa kà?

Akọ̀wé Kútọ̀: Ẹ ṣì ń san owó ìsọ̀ lọ́jọ́ yẹn o. Èmi á kà á.